Àwọn ènìyàn ń fò kọjá fídíò àdìrẹ mi kí n tó kí wọn tán. Níbo ni mo ti ṣì í?

Aláró_Ìtòkú

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìdí aró ni wọ́n bí mi sí ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ìyá ìyá mi ló kọ́ ìyá mi, ìyá mi ló kọ́ mi. Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí tí mo ti ń gbé fídíò sórí TikTok kí àwọn tí kò sí nítòsí lè máa rí ọjà mi.

Èyí tí mo gbé síta lọ́sẹ̀ tó kọjá gùn tó ìṣẹ́jú-àáyá 47, ó sì gbà mí ní odidi ọjọ́ méjì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló wá fi ibi tí wọ́n ń tẹ̀ hàn mí, Analytics. Mo rí ìlà kan níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, tó sì já wálẹ̀ bí ẹni tó ṣubú sí kànga. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá fídíò náà pàdé, 31 péré ló ṣẹ́kù nígbà tó fi pé ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Àwọn tó dúró títí mo fi tú aṣọ náà kò pé mẹ́rin.

Bí mo ṣe tò ó nìyí. Orúkọ ọjà mi kọ́kọ́ jáde lórí pátákó funfun. Lẹ́yìn náà ni èmi fúnra mi jáde, mo ní, "Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ kú àsìkò yìí, ẹ káàbọ̀ sí ìdí aró wa." Mo sọ díẹ̀ nípa ìyá mi. Mo fi bí a ṣe ń fi ìko di aṣọ hàn wọ́n. A rì í sínú ìkòkò, a yọ ọ́, a tú u, ọnà rẹ̀ jáde, ó tán. Aṣọ náà dára o, ẹni tó bá rí i yóò fẹ́ rà á. Àmọ́ wọn kì í dúró rí i.

Sọjí_Fídíò

Àǹtí mi, ọ̀rọ̀ yìí ò le rárá. Ó gùn jù ni. Kò sẹ́ni tó ń wo ohun tó ju ìṣẹ́jú-àáyá 7 lọ mọ́. Ẹ gé e sí 7, ẹ fi orin tó ń jà nígboro sí i, kí àwòrán máa fò wá síwájú bí ìlù bá ti ń lù, kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba ní pupa pé DÚRÓ! MÁ FÒ Ó! Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún oníbàtà kan, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ló wò ó lórí YouTube.

Ìyá_Ẹlẹ́kọ_Ṣàgámù

Aláró mi, má dá ara rẹ lágara. Láìnì tó já wálẹ̀ yẹn, nẹ́tíwọ̀kì ni. Tèmi náà ń já bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Mo ra láìnì mìíràn, ọ̀rọ̀ sì tán. Fi síìmù kejì sínú fóònù rẹ.

Agẹ́fídíò_Bódìjà

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlà tí wọ́n ń sọ yìí kì í ṣe ti nẹ́tíwọ̀kì. Ó ń fi hàn wá pé ènìyàn mélòó ló ṣì ń wò ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Kò sí fídíò tí ìlà rẹ̀ kì í wálẹ̀, tèmi náà ń wálẹ̀. Ibi tó ti já gan-an ló yẹ ká wò. Bó bá já ní ìṣẹ́jú-àáyá kìíní sí ìkẹta, àwòrán tí ojú kọ́kọ́ bá pàdé ni kò dá ènìyàn dúró. Bó bá rọra dúró níbẹ̀, tó wá já ní ìkẹjọ, ẹ ti ṣe ìlérí kan níbẹ̀rẹ̀, ẹ ò sì mú un ṣẹ lásìkò. Ọ̀nà tí a ń gbà tún méjèèjì ṣe kò jọra.

Sọjí, àbúrò mi, apá kan ọ̀rọ̀ rẹ dára. Òótọ́ ni pé fídíò náà falẹ̀. Ṣùgbọ́n rò ó wò: àwọn 69 tó lọ, ṣé wọ́n mọ̀ pé 47 ni gígùn rẹ̀? Wọ́n ti lọ kí wọ́n tó mọ̀. Ká ní 7 ni, pátákó funfun kan náà ni wọn ì bá rí, wọn ì bá sì lọ bákan náà. Láti October 15, 2024 ni YouTube ti gbà kí Shorts, fídíò kúkúrú tiwọn, gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, nítorí náà gígùn nìkan kì í pa fídíò.

Ní ti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì rẹ, láti March 31, 2025, bí Short bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lójú ẹnì kan báyìí, YouTube ti kà á pé ó wò ó, ìbáà jẹ́ pé ó fi àtàǹpàkò tì í sókè lójú ẹsẹ̀. Facebook ní tirẹ̀ máa ń dúró dé ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta tẹ́lẹ̀ kó tó kà á. Bí mo bá gbọ́ nọ́ńbà ńlá, mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè ibi tí wọ́n ti kà á.

Àǹtí Aláró, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún yín. Bí àlejò bá dé sí àgbàlá yín, tó ń lọ tó ń bọ̀, kí ni ẹ máa ń ṣe níbẹ̀ tó máa ń mú kó dúró láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é?

Aláró_Ìtòkú

Mo ronú sí i lálẹ́ àná. Ìgbà tí a bá yọ aṣọ kúrò nínú ìkòkò ni. Aṣọ aró kì í jáde ní dúdú o. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní, bí òróǹbó tí kò tíì pọ́n tán. Àlejò á pariwo pé, "Ẹ ti ba aṣọ yìí jẹ́!" Afẹ́fẹ́ á wá fẹ́ sí i, etí rẹ̀ á kọ́kọ́ pàwọ̀ dà, ó ń lọ ó ń bọ̀, gbogbo rẹ̀ á di búlúù. Bó ṣe ń ṣe nínú ẹ̀lú náà ló ń ṣe nínú aró òyìnbó tí a ń fi kọ́sítíìkì sódà àti haídíròsọ́fáìtì pò. Àwa ò kà á sí nǹkan kan mọ́, ojoojúmọ́ là ń rí i. N kò tilẹ̀ ká a sínú fídíò yẹn, nítorí mo rò pé aṣọ tí kò tíì jinná ni, kò yẹ kí oníbàárà rí i.

Agẹ́fídíò_Bódìjà

Ibẹ̀ gan-an ni kí fídíò náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ń fi àtàǹpàkò ti fídíò sókè kì í ronú, ojú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Bí ojú bá rí ohun tó ti mọ̀, bíi pátákó, bíi ẹni tó dúró tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ìka á ti tì í. Ṣùgbọ́n bó bá rí aṣọ tútù àwọ̀ ewé tó ń jáde látinú omi dúdú, tí etí rẹ̀ sì ń yí padà lójú rẹ̀, ìbéèrè ti bọ́ sí i lọ́kàn kó tó mọ̀. Ẹ ò ní láti kọ DÚRÓ sí i.

Ohun méjì ni kí ẹ ṣọ́. Àkọ́kọ́, kí iṣẹ́ ti máa lọ nínú àwòrán àkọ́kọ́ gan-an. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì tí ẹ sì ń sún sẹ́yìn, ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ti lọ sórí ọwọ́ yín tó ń gbọ̀n. Ẹ gé ìyẹn kúrò títí aṣọ á fi ti wà lójú omi. Ìkejì, ẹ má jẹ́ kí ó di búlúù tán nínú ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta yẹn. Ẹ gé e nígbà tó bá dé ìdajì, kí ìyókù wà fún ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá ti rí òpin rẹ̀, kí ni wọ́n tún ń dúró de?

Bàbá_Ìjàyè

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ẹ má bínú, mo fẹ́ bèèrè: ṣé ọmọ Yorùbá kì í kí ènìyàn mọ́ ni? Ọmọbìnrin yìí kí wa, ó ní ẹ kú ojúmọ́, ẹ wá ní ibẹ̀ ló ti bà á jẹ́. Ọmọ tó wọlé tí kò kí ará ilé, tó kàn na aṣọ tó ń ro omi sí wọn lójú, kí là ń pè é?

Agẹ́fídíò_Bódìjà

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rò ó: lórí TikTok, kò sẹ́ni tó wá sílé Aláró. Àwọn ènìyàn jókòó sílé tiwọn ni.

Bàbá_Ìjàyè

Ìyẹn gan-an ni mo ń wí. Fídíò ló wọlé tọ̀ mí wá. Àlejò ló ń kí onílé.

Agẹ́fídíò_Bódìjà

Bàbá, ẹ mú mi.

Ìyá_Ẹlẹ́kọ_Ṣàgámù

Ẹ jọ̀ọ́, mo ti mọ̀ báyìí pé kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì, ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rọ̀ kan níbí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kiri ẹ̀kọ kí n tó ní ṣọ́ọ̀bù. Bí mo bá dé ojú ọ̀nà ní àárọ̀, n kì í ní, "Ẹ kú ojúmọ́ o, èmi ni ìyá báyìí, mo ti ń ta ẹ̀kọ láti ìgbà báyìí." Kí n tó parí ìyẹn, mo ti kọjá ilé mẹ́ta. "Ẹ̀kọ gbóná rèé o!" ni mò ń ké. Ẹni tí ebi ń pa á ní, "Ẹlẹ́kọ, dúró!" Ìgbà tí mo bá sọ igbá kalẹ̀ níwájú ilé rẹ̀ ni mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, mo sì máa ń kí i dáadáa, mo á bèèrè ọmọ, mo á bèèrè ọkọ. Wọn ò pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ rí.

Agẹ́fídíò_Bódìjà

Ìyá wa, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń gé fídíò, n kò tíì gbọ́ ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ tó báyìí. Àǹtí Aláró, ẹ polówó kí ẹ tó kí. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta fún ìpolówó, kí ìkíni wá tẹ̀ lé e, kí ó sì ṣe ṣókí, kí ojú ṣì máa rí aṣọ bí ẹnu ti ń kí.

Ará_Pẹ́kámù

Ẹ kú ìjíròrò. Oníbàárà ni mo jẹ́ ní tèmi, mo ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyàwó mi máa ń ra àdìrẹ. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń wo nǹkan wọ̀nyí, n kì í sì í tan ohùn rẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ìkíni tí ẹ ń jà lé lórí yìí, n kò tilẹ̀ gbọ́ ọ rí. Ẹnu tó ń mì ni mo ń rí.

Ohun mìíràn: àwọn tó máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ fídíò, orúkọ wọn àti àlàyé tí TikTok ń gbé síbẹ̀ ló máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Ti apá ọ̀tún náà, àmì ọkàn àti ti ìpín ló wà níbẹ̀.

Agẹ́fídíò_Bódìjà

Òótọ́ ni. Bí fídíò bá jẹ́ 1080 ní ìbú àti 1920 ní gíga, ìdá mẹ́ta òkè ni kí ọ̀rọ̀ wà, kí ó má sì fi ara kan etí pátápátá. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó. Fún ti yín, Àǹtí, "Ṣé aró rèé?" ti pọ̀ tó. Ẹni tí kò tan ohùn á ti mọ ohun tí a ń bi í.

Ẹ ṣọ́ irú lẹ́tà tí ẹ máa lò nínú CapCut o. Púpọ̀ nínú àwọn tó lẹ́wà ni kò ní ẹ, ọ àti ṣ wa. Wọ́n á fi àpótí kékeré dípò rẹ̀, tàbí kí àmì ohùn fò lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ kọ "ọ̀ṣọ́ ẹlẹ́wà" sínú rẹ̀ kí ẹ fi dán an wò. Bó bá bà á jẹ́, ẹ yan òmíràn. Ẹ má torí ìyẹn kọ ọ́ láìsí àmì. Ará Abẹ́òkúta ni yín, ẹ mọ ibi tí ọkàn ènìyàn á lọ bó bá rí "Aro" láìsí àmì.

Aláró_Ìtòkú

Hàà! Wọ́n á ní ilé ìwòsàn ni mo ti ń ká fídíò.

Aláró_Ìtòkú

Ẹ jọ̀ọ́, mo tún padà wá. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbìyànjú rẹ̀, kò yọrí sí rere. Lójú mi, aṣọ ń kúrò ní àwọ̀ ewé bọ́ sí búlúù. Nínú fóònù, ó dà bíi pé eérú ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó tún wá pẹ́ jù. Mo fi aago wọ̀n ọ́n, ó tó ìṣẹ́jú kan àbọ̀ kí gbogbo rẹ̀ tó wọ aró. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ìyẹn sínú ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta?

Sọjí_Fídíò

Èyí tèmi nìyí o! Ẹ wọ CapCut, ẹ tẹ Speed, ẹ fà á dé 20x. Ìṣẹ́jú-àáyá 90 á di 4 àbọ̀. Bó bá jẹ́ ìdajì rẹ̀ ni ẹ fẹ́, ìyẹn 45, á di 2 àti díẹ̀. Ti àwọ̀ tó ṣá, ẹ kan fi fílítà sí i, kó pọ́n dáadáa.

Agẹ́fídíò_Bódìjà

Sọjí, o gbà á lórí Speed. Má fi fílítà sí i. Àwọ̀ tó ń yí padà gan-an ni ọjà tí a fẹ́ tà, bí fílítà bá wọ̀ ọ́, a ti purọ́ fún ẹni tó fẹ́ ra aṣọ.

Àǹtí, ẹ lọ wo fídíò tí ẹ ká yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ má wo aṣọ, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ṣé àwọ̀ ògiri náà ń yí?

Aláró_Ìtòkú

Yéè! Ògiri ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ ṣe ń wọlé sínú àwòrán. Ògiri tí a fi ẹfun kùn ni o.

Agẹ́fídíò_Bódìjà

Fóònù yín ló ń ṣe é. Ó máa ń fẹ́ mọ ohun tó jẹ́ funfun nínú àwòrán kó lè tún àwọ̀ tó kù ṣe. Bí aṣọ kan ṣoṣo bá gba gbogbo ojú rẹ̀, ó á rò pé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ló ní àwọ̀ ewé, ó á sì máa fa àwọ̀ ewé yẹn kúrò. Bí aṣọ ṣe ń yí, bẹ́ẹ̀ lòun náà ń lé e. Ìdí nìyẹn tó fi dà bí eérú.

Bí fóònù yín bá ní Pro nínú kámẹ́rà fídíò, ẹ wá WB, ẹ gbé e sí 5500 tàbí nítòsí rẹ̀, kí ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Bí kò bá ní, ẹ gbé abọ́ tánganran funfun sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, kó wà nínú àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀, kí aṣọ má sì gba ju ìdajì ojú àwòrán lọ. Fóònù á ní funfun kan tó lè máa wò. Abọ́ náà á tún jẹ́ ẹ̀rí fún ẹ̀yin fúnra yín: bí funfun rẹ̀ kò bá yí, àwọ̀ aṣọ tó yí, òótọ́ ni.

Ní ti 20x, ohun tí Sọjí kò sọ ni pé ohunkóhun tó bá mì díẹ̀ á di jìnnìjìnnì. Bí ọwọ́ bá di aṣọ mú, ọwọ́ náà á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni kí ẹ pín in sí. Ẹ fi ọwọ́ fa aṣọ jáde látinú ìkòkò, kí ìyẹn máa lọ bó ṣe ń lọ, kó má ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Kí ẹ wá fi aṣọ kọ́ okùn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ kúrò níbẹ̀, kí fóònù fara ti búlọ́ọ̀kù kan tí kò ní mì. Èyí ni kí ẹ mú yára. Abẹ́ ìbòòji ni kí ẹ ti ṣe é. Bí ìkùukùu bá ń kọjá lójú oòrùn, ní 20x, á máa tàn á máa kú bí iná mànàmáná wa.

Ará_Pẹ́kámù

Ti iná mànàmáná yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, àwọn ará bọ́ọ̀sì ń wò mí.

Sọjí_Fídíò

Kí ni ẹ máa wá fi sí ohùn rẹ̀? Mo ṣì ń wí pé orin ni. Orin tó ń jà ló ń gbé fídíò lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kò mọ̀ yín.

Agẹ́fídíò_Bódìjà

Fún ìbẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ ohùn omi tó ń ro padà sínú ìkòkò. Kò sí orin tó jọ ọ́, ó sì bá ohun tí ojú ń rí mu. Ẹ lè rọra fi orin sábẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ṣùgbọ́n n kò ní bá ọ jiyàn jù, Sọjí. Mo ti rí fídíò tí orin gbé, mo sì ti rí èyí tí orin sin.

Ìyá_Ẹlẹ́kọ_Ṣàgámù

Èmi ò tíì gbọ́ ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ WhatsApp. Ibẹ̀ ni gbogbo oníbàárà tèmi wà. Ṣé kí n máa polówó fún wọn náà láìkí wọn?

Agẹ́fídíò_Bódìjà

Rárá, ìyá wa. Ẹni tó ń wo státọ́ọ̀sì yín ti ní nọ́ńbà yín, ó mọ̀ yín, ojú yín ló fẹ́ rí. Níbẹ̀, ẹ kí wọn bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Àwọn tí kò mọ̀ yín rí ni mò ń sọ.

Bàbá_Ìjàyè

Ó kù díẹ̀ kí n gbà fún yín.

Aláró_Ìtòkú

Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, ẹ jẹ́ kí n jábọ̀. Abọ́ tánganran ìyá mi ni mo lò, fóònù mi kò ní Pro. Lẹ́ẹ̀mẹrin ni mo ká a kí ó tó dáa. Ẹ̀ẹ̀kan, ewúrẹ́ ló gba iwájú kọjá, ní 20x ó dà bí iwin.

Ìṣẹ́jú-àáyá 36 ni gbogbo rẹ̀ báyìí. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó ń jáde nínú omi, "Ṣé aró rèé?" wà lókè, etí aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í di búlúù, mo sì gé e níbẹ̀. Ohùn mi wọlé, mo kí wọn lẹ́ẹ̀kan, mo ní afẹ́fẹ́ ni a ń dúró dè, ẹ jẹ́ kí n fi bí a ṣe dì í hàn yín. Láti ìkẹsàn-án dé ogún, dídi ni. Lẹ́yìn náà rírì, lẹ́yìn náà aṣọ náà di búlúù tán lórí okùn, mo wá tú u, ọnà rẹ̀ jáde. Àwòrán tó parí rẹ̀ ni ọwọ́ mi tó tún ń wọ inú ìkòkò lọ, tí ó fi jẹ́ pé bó bá tún bẹ̀rẹ̀, wọn kì í tètè mọ̀ pé ó ti parí.

Nínú ọgọ́rùn-ún, 58 ló ṣẹ́kù ní ìṣẹ́jú-àáyá kẹta, 17 ló sì rí títú rẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin béèrè iye owó, ọ̀kan rà. Ṣùgbọ́n ìlà náà tún já ní nǹkan bíi ìkejìlá. Àwọn kan sì ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé irọ́ ni, pé fílítà ni mo fi yí àwọ̀ rẹ̀. Ìyẹn dùn mí.

Agẹ́fídíò_Bódìjà

Ìkejìlá yẹn, àárín dídi ni. Ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá lójú ibì kan náà ti pọ̀ jù fún ẹni tí ìkòkò ló ń dúró dè. Ẹ din dídi kù sí mẹ́fà, kí ẹ gbé fóònù súnmọ́ ìka àti ìko fún ìdajì rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí a lè mọ ohun tó yí i padà. Fídíò kan ṣoṣo náà nìyẹn ṣá o. Ẹ ṣe méjì tàbí mẹ́ta mìíràn kí ẹ tó gbà pé ó ti dúró. Ó lè jẹ́ ọjọ́ tí ẹ gbé e síta ló gbè yín.

Sọjí_Fídíò

Àwọn tó ń pariwo fílítà yẹn, ẹ fèsì fún wọn dáadáa! Ìjà lábẹ́ fídíò ń mú kó rìn.

Ará_Pẹ́kámù

Mi ò gbà. Èmi tí mò ń rà ni mo ń sọ̀rọ̀ o. Bí mo bá rí ìjà lábẹ́ ọjà, mo ń lọ ni. Ẹ ká òmíràn tí kò yára rárá, ìṣẹ́jú kan àbọ̀ gbáko, kí abọ́ funfun náà wà níbẹ̀, kí ẹ so ó mọ́ òkè ojúlé yín lórí TikTok. Ẹni tí kò bá gbà gbọ́, kó lọ wo ìyẹn.

Aláró_Ìtòkú

Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ta ló máa wo ìṣẹ́jú kan àbọ̀?

Ará_Pẹ́kámù

Ẹni tó ti fẹ́ fi owó ránṣẹ́.

Bàbá_Ìjàyè

Ọmọ ọmọ mi fi fídíò náà hàn mí ní àárọ̀ yìí. Aṣọ náà dára. Omi náà dára. Mo wò ó, n kò gbọ́ ìkíni kankan, mo dá fóònù padà fún un.

Aláró_Ìtòkú

Bàbá mi, mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá kẹrin ni mo kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba fóònù náà lẹ́ẹ̀kan sí i.